Ìròyìn ọjà tó ń bọ́ sínú Spam

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, láràárọ̀ ni sáfà ṣọ́ọ̀bù oògùn wa ní Lágere, n'Ífẹ̀, máa ń fi ìròyìn ọjà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí ọ̀gá wa n'Íléṣà. Àdírẹ́ẹ̀sì Gmail ṣọ́ọ̀bù la kọ síbi olùfiránṣẹ́, síbẹ̀ inú Spam ló ń bọ́ sí. Ti ìparí oṣù kì í tilẹ̀ dé rárá, bẹ́ẹ̀ 20 MB péré ni, Gmail sì ní òun ń gba 25. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Àdírẹ́ẹ̀sì yẹn gan-an ló ń kó bá yín. Lẹ́tà ní òun ti gmail.com wá, àmọ́ sáfà yín ló gbé e jáde tààrà. Gmail á wò ó, á rí i pé kò gba ọ̀dọ̀ òun kọjá, á sì fura pé oníjìbìtì kan ló ń fi orúkọ yín ṣiṣẹ́.

Kí ọ̀gá ṣí ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà náà lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tẹ àmì `⋮` tó wà lápá ọ̀tún, kí wọ́n sì yan `Show original`. Bí wọ́n bá rí `FAIL` níwájú `DMARC`, ohun tí mo sọ yìí ló fà á.

Ẹ jẹ́ kí sáfà máa gba ẹnu ọ̀nà Gmail fúnra rẹ̀ kọjá. Ẹ kọ́kọ́ tan `2-Step Verification` lórí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wá ṣẹ̀dá `App password`, tí í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà onílẹ́tà 16. Òun ni ẹ ó fi sínú sáfà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ń lò lójoojúmọ́:

```
smtp.gmail.com
587 (STARTTLS)
```

Ẹ fi èyí sọ́kàn o: ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì náà, `App password` yẹn ti kú nìyẹn. Ìròyìn á kàn dákẹ́ ni, ẹ ó sì rí `535` nínú àkọsílẹ̀ sáfà. Ẹ ṣẹ̀dá òmíràn.

Ní ti fáìlì ìparí oṣù, imeèlì kì í gbé fáìlì bó ṣe wà. Ó máa ń sọ báìtì mẹ́ta di báìtì mẹ́rin kó tó gbé e. Ẹ sọ 20 di ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ pín in sí mẹ́ta: ó ti lé díẹ̀ ní 26, àwọn ìlà tí wọ́n ń pín in sí tún máa ń fi kún un, ó wá di nǹkan bíi 27. Ó lè ti kọjá ìwọ̀n tí wọ́n ń gbà nìyẹn.  Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n ni wọ́n torí ẹ̀ dá a padà, àkọsílẹ̀ sáfà á fi `552` hàn yín.

Bí fáìlì yín bá jẹ́ `.csv`, ẹ sọ ọ́ di `.zip`, á fún pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n `.xlsx` ti jẹ́ fífún pọ̀ tẹ́lẹ̀, sísọ ọ́ di `.zip` kò lè mú un kéré tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ò tiẹ̀ ní so fáìlì ńlá mọ́ lẹ́tà rárá. Orí fóònù ni ọ̀gá ti ń kà á, iye tí ẹ tà àti oògùn tó fẹ́ tán ni wọ́n sì fẹ́ mọ̀ lówùúrọ̀. Ẹ kọ ìyẹn sínú lẹ́tà gan-an, kí ẹ gbé fáìlì sí Google Drive, kí ẹ sì fi líǹkì rẹ̀ sísàlẹ̀. Àkáǹtì ọ̀gá nìkan ni kí ẹ ṣí i fún. Ẹ má yan `Anyone with the link`, torí orúkọ àwọn aláìsàn lè wà nínú rẹ̀.