Orúkọ Ìwé Kì í Ṣe Àkópọ̀ Ìtàn

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òǹkọ̀wé lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí òun ti rí gbogbo ilé náà láti ìloro dé ẹ̀yìnkùlé kí ìwé tó jáde. Tòǹkàwé ló dojú dé: orúkọ ló kọ́kọ́ bá pàdé lórí èèpo ìwé, ìgbà tó bá ka ojú ewé tó kẹ́yìn tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àkópọ̀ ìtàn lorúkọ ìwé, pé ẹni tó bá ti lóye rẹ̀ lórí èèpo ti lóye rẹ̀ tán.

Àwọn tó ti kàwé díẹ̀ sí i ní ìgbàgbọ́ tiwọn. Bí ìtàn bá parí sí ìbànújẹ́ tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ ayọ̀, wọ́n á ní òǹkọ̀wé ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé òdìkejì ọ̀rọ̀ ló ní lọ́kàn. Ìyẹn sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ojú ewé ìkẹyìn sábà máa ń yí padà ni ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ inú orúkọ náà. Lórí èèpo, a rò pé òǹkọ̀wé ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tá a bá dé ìparí, a máa ń rí i pé ẹnu ẹlòmíràn ló ti gba ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan tí Èkó mọ̀ dáadáa. (Ẹni tí kò bá tíì kà á kó mọ̀ pé a ó sọ bó ṣe parí.) Ọdún 1979 ni ìwé Buchi Emecheta, The Joys of Motherhood, jáde. Bí a bá pè é ní Ayọ̀ Abiyamọ, a ò jìnnà. Ọdún 1934 ni ìtàn náà ṣí, ní Yábàá. Nnu Ego, obìnrin ará Ibuza nílẹ̀ Ìgbò, tó wá fẹ́ Nnaife, alágbàfọ̀ òyìnbó, sáré jáde nínú ilé, ó kọrí sí afárá Kátà láti lọ bẹ́ sómi. Ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, ọmọ jòjòló, ló kú. Orí kìíní ìwé nìyẹn, òǹkàwé sì ti ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ayọ̀ wo lẹni tó kọ èyí ń sọ. Ibí gan-an ni àwọn ẹlẹ́yẹ̀yẹ́ ti máa ń gbà pé àwọn ti já a.

Orí karùn-ún ló padà sí orí afárá. Nwakusor, ará ìlú rẹ̀, dá a dúró kó má bàa bẹ́ sómi. Àwọn èrò ti pé jọ, wọ́n ń bá obìnrin náà wí pé kí ló dé tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ kú ni ohùn wọn yí padà. Gbogbo wọn gbà pé obìnrin tí kò bá bímọ fún ọkọ rẹ̀ ti kùnà. Wọ́n dárí jì í, ìdájọ́ ni ìdáríjì náà sì gbé wá. Ẹni tó bá ń kà á pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́ kó fa ìlà sí abẹ́ ibẹ̀, kó sì kọ ọ́ sétí ìwé pé: “Ta ló sọ ọ́? Èrò.” Ìlà yẹn máa wúlò nígbà tó bá dé ìparí.

Láàárín méjì, Nnu Ego bímọ, ọmọ méje ló sì yè, títí kan àwọn ìbejì obìnrin tí wọ́n ń jẹ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ó ta sìgá, ó ta ìṣáná, ó ta igi ìdáná kí owó ilé ìwé lè jáde. Nígbà tí Nnaife débi ilé ẹjọ́, tí wọ́n bi Nnu Ego pé ta ló ń san owó ilé ìwé, ó ní ọkọ òun ni. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó ṣàlàyé pé lóòótọ́ òun lòún ń san án, àmọ́ Nnaife ló ni òun, nítorí náà Nnaife ló san án. A ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ tí èrò orí afárá sọ ti di ọ̀rọ̀ tí òun alára ń sọ.

Wàyí o, orí kejìdínlógún, tó kẹ́yìn. Ìparí rẹ̀ pín sí méjì, àìpín in sí méjì ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà.

Apá kìíní ni ikú rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ńlá méjèèjì ti lọ, Oshia sí Àmẹ́ríkà, Adim sí Kánádà. Nnu Ego padà sí Ibuza, ọkàn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé ọmọ òun wà ní Àmẹ́ríkà. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó rò pé òun ti délé, ó sì kú síbẹ̀. Kò sí ọmọ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sí ọ̀rẹ́ tó bá a sọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé ní kò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀ rí, torí kíkó ayọ̀ abiyamọ jọ kò fún un láàyè. Ọ̀rọ̀ orúkọ ìwé ló fara hàn yẹn. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á ní ẹ̀tàn layọ̀ náà, á sì pa ìwé dé.

Ṣùgbọ́n ìwé ò tíì parí. Ìpínrọ̀ díẹ̀ ló kù, ibẹ̀ sì lorúkọ náà ti yí gan-an. Àwọn ọmọ padà wálé wá sin ìyá wọn, ìsìnkú tó pariwo jù, tó gbówó jù, tí Ibuza tíì rí. Ọdún mẹ́ta ni Oshia fi san gbèsè tó jẹ kí ayé lè mọ̀ pé ọmọ dáadáa lòún jẹ́. Wọ́n kọ́ ojúbọ sí orúkọ ìyá náà, kí àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ lè máa tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá yàgàn. Wọ́n tọrọ títí, kò dáhùn. Àwọn kan ní ìkà obìnrin ni, àní nínú ikú. Àwọn mìíràn ní ó ti fi gbogbo ohun tó ní fọ́mọ, pé ayọ̀ ìyá náà nìyẹn, kí èèyàn fi gbogbo rẹ̀ fọ́mọ. “Wọ́n ní” ni òǹkọ̀wé fi kádìí gbólóhùn yẹn. Kí ni obìnrin tún ń wá, tó bá ti bí ọmọkùnrin tó sin ín dáadáa? Gbólóhùn tó kẹ́yìn pátápátá sọ pé gbogbo rẹ̀ ni Nnu Ego ní, síbẹ̀ kò dáhùn àdúrà ọmọ.

Ẹ rí i pé èrò orí afárá ló tún dé, tí wọ́n tún fẹnu kò. Àwọn ló ni orúkọ ìwé náà. Òǹkọ̀wé ṣáà gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ó fi ṣe orúkọ, ó wá jẹ́ kí òkú dá wọn lóhùn pẹ̀lú àìdáhùn rẹ̀. Bí a bá wá sọ pé “yẹ̀yẹ́ ni”, a ti sọ èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ nù, a sì ti sọ ojúbọ nù. Yẹ̀yẹ́ kò lè ṣàlàyé ìdí tí obìnrin tó lọ́mọ méje kò fi fẹ́ fún ẹlòmíràn lọ́mọ.

Ó ní ohun tó ń mú kí ibẹ̀ yẹn ṣòro fún àwa Yorùbá láti rí. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òwe yẹn wà lẹ́nu wa, ohun tí àwọn ará Ibuza ń sọ nínú ìpínrọ̀ ìkẹyìn gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí a bá fi òwe wọ̀n ọ́n, Nnu Ego bímọ, kò kù síbì kan. Òǹkàwé á mi orí, á gbà pẹ̀lú wọn, á sì kọjá láìfura pé òun náà ti bọ́ sáàárín èrò. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwé náà lágbára jù sí.

Orúkọ náà tún ní ìdí kan tí èèpo ìwé kò lè sọ fúnni. Lọ́dún 1966, Flora Nwapa parí ìwé rẹ̀, Efuru, sórí abo-ọlọ́run inú adágún tó ń fún àwọn obìnrin lẹ́wà àti ọrọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Kò mọ ayọ̀ abiyamọ rí, ni Nwapa wí. Ó wá béèrè pé kí ló dé tí àwọn obìnrin fi ń sìn ín? Ìbéèrè yẹn ló fi parí ìwé. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, Emecheta mú ọ̀rọ̀ inú ìparí ìwé yẹn, ó sọ ọ́ di orúkọ ìwé tirẹ̀, ó sì yí gbogbo rẹ̀ po nínú ìparí tiẹ̀: ní ti Nwapa, ẹni tí kò bímọ ni wọ́n ń sìn; ní ti Emecheta, ọlọ́mọ ni wọ́n ń sìn, ọmọ ni wọ́n ń tọrọ, kò sì fún wọn. Ẹni tó bá ka ìwé méjèèjì á gbọ́ ìbéèrè àti èsì.

Bí ẹ bá fẹ́ dán èyí wò lórí ìwé mìíràn, ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí orí kìíní: ta ni mo rò pé ó ń sọ orúkọ yìí, ta ló sì ń sọ ọ́ fún? Bẹ́ ẹ ti ń kà á lọ, ẹ fàlà sí ibikíbi tí ọ̀rọ̀ orúkọ náà tàbí ohun tó jọ ọ́ bá ti jáde, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sétí. Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ padà ka orí kìíní kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jáde níbì kankan, ẹ má fipá wá a. Nínú Things Fall Apart, tí Chinua Achebe kọ jáde lọ́dún 1958 nípa Okonkwo, inú ewì Yeats lorúkọ ti wá, ojú ewé tó kẹ́yìn kò sì tún un sọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń ronú orúkọ ìwé tiẹ̀, lórí bí wọ́n ṣe tu “àwọn ẹ̀yà aláìlajú” lójú, tí gbogbo ìgbésí ayé Okonkwo kò sì ní ju ìpínrọ̀ kan lọ nínú rẹ̀. Orúkọ kejì ló dé láti bá ti àkọ́kọ́ du ìtàn kan náà.

Kì í sì í ṣe gbogbo orúkọ ló ń yí. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà kọ lọ́dún 1938, ọdẹ ni, igbó ni, ohun tí orúkọ sọ lẹ ó bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtumọ̀ míì fún un nílé ìdánwò ń fi àkókò ṣòfò ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù fáwọn tó ń ra ìwé àlòkù ní Yábàá tàbí lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà. Ewé tó kẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ já kúrò lára ìwé tó ti gbó, àwọn ẹ̀dà fọ́tókọ́pì náà sì lè ṣàìní in. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ẹ̀yìn wò. Bí Nnu Ego bá kú sẹ́bàá ọ̀nà tí ìwé sì parí síbẹ̀, ewé ti sọnù. Ọ̀rọ̀ àdúrà tí kò dáhùn ló yẹ kó kẹ́yìn.