Pẹ́ńsù àti báírò: bí a ṣe ń fọwọ́ ṣírò ọ̀nà tó yá jù láàárín dẹ́pò

Ẹ jẹ́ ká sọ pé dẹ́pò ńlá kan wà n'Íbàdàn, àwọn kéékèèké wá wà ní Ìwó, Ọ̀yọ́, Ilé-Ifẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́, Iléṣà àti Òṣogbo. Ọkọ̀ fẹ́ gbé ọjà lọ Òṣogbo, ibo ló máa gbà? Bí ẹ bá bi dírẹ́bà mẹ́ta, ẹ máa gbọ́ ìdáhùn mẹ́ta, oníkálukú á sì tún búra. Ìṣirò tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kì í búra, bébà kan, pẹ́ńsù kan àti báírò kan ti tó o.

Ọ̀gbẹ́ni Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1956. Òun fúnra ẹ̀ sọ pé òun àti àfẹ́sọ́nà òun ló rìn rìn rìn nínú ọjà l'Ámísítádámù tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n jókòó mu kọfí, ogún ìṣẹ́jú ló sì fi ronú ẹ̀ láìmú bébà dání. Ọdún 1959 ló tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwa tí orí wa ò tó tiẹ̀ á lo bébà sha.

Ìṣẹ́jú ni ká máa kà, kì í ṣe kìlómítà, torí kìlómítà ò mọ̀ pé ihò wà lójú títì. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi àwọn iye yìí síbẹ̀ kí àpẹẹrẹ lè rọrùn, ẹ má fi wọ́n wa ọkọ̀. Láti Ìbàdàn sí Ìwó 55, sí Ọ̀yọ́ 60, sí Ifẹ̀ 90. Ìwó sí Òṣogbo 95 (ká sọ pé ọ̀nà yẹn ti bàjẹ́). Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ 60. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Òṣogbo 75. Ifẹ̀ sí Òṣogbo 50, Ifẹ̀ sí Iléṣà 35, Iléṣà sí Òṣogbo 40. Ẹ ya àwọn ìlú yìí bí róbótó róbótó, ẹ fi ìlà so wọ́n, ẹ kọ ìṣẹ́jú sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ róbótó kọ̀ọ̀kan láti kọ nọ́ńbà sí.

Oríṣi nọ́ńbà méjì ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Èyí tá a fi pẹ́ńsù kọ túmọ̀ sí pé "iye tá a rí nìyí títí di ìsinsìnyí, ó ṣì lè dín kù." Èyí tá a fi báírò kọ ti parí, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ibi tí gbogbo ọgbọ́n ẹ̀ wà nìyẹn: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìlú kọ̀ọ̀kan máa ń gba báírò.

Ìbàdàn la ti ń gbéra, ẹ fi báírò kọ 0 sí i. Ẹ wá wo àwọn ìlú tó fara kan Ìbàdàn, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ 55 sí Ìwó, 60 sí Ọ̀yọ́, 90 sí Ifẹ̀. Nínú gbogbo pẹ́ńsù tó wà nílẹ̀, èwo ló kéré jù? Ìwó ni, ẹ sọ ọ́ di báírò. Láti Ìwó, Òṣogbo jẹ́ 55 pẹ̀lú 95, ìyẹn 150, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́.

Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣogbo báyìí wọ́n á ní "a ti débẹ̀," wọ́n á pa bébà dé. Rárá o, pẹ́ńsù ni 150 yẹn! Ìgbà tí ibi tá à ń lọ bá gba báírò nìkan la tó lè dúró.

Ó yá, ẹ tún wá pẹ́ńsù tó kéré jù láàárín gbogbo èyí tó kù, kì í ṣe láàárín àwọn tó fara kan ìlú tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ nìkan. Ọ̀yọ́ ni, 60, ó di báírò, Ògbómọ̀ṣọ́ wá gba pẹ́ńsù 120. Lẹ́yìn ẹ̀ Ifẹ̀ ló kàn, 90 di báírò. Láti Ifẹ̀, Iléṣà jẹ́ 125. Òṣogbo wá ńkọ́? 90 pẹ̀lú 50 jẹ́ 140, ó sì kéré sí 150 tó wà níbẹ̀, torí náà ẹ fa igi lé 150 kẹ́ ẹ kọ 140. Ẹ má fi rọ́bà pa á rẹ́ o, ìlà lásán ni kẹ́ ẹ fà, kẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò lè rí i pé 150 ti wà níbẹ̀ rí. Ògbómọ̀ṣọ́ di báírò ní 120, ó ní òun lè dé Òṣogbo ní 195, a ò gbà. Iléṣà di báírò ní 125, ó ní 165, a ò gbà. Òṣogbo ló kù, 140 di báírò, ó parí.

Ọ̀nà wo wá ni? Ẹ máa yọ ọ́ padà láti ẹ̀yìn. 140 yọ 95 jẹ́ 45, Ìwó ò sì jẹ́ 45, kì í ṣe ibẹ̀ la gbà. 140 yọ 50 jẹ́ 90, Ifẹ̀ sì jẹ́ 90 gẹ́lẹ́, ibẹ̀ la ti wá. 90 yọ 90 jẹ́ 0, a ti dé Ìbàdàn. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí kò sí ìlú kankan tó bá a mu, ẹ ti ṣe àṣìṣe ìṣirò níbì kan nìyẹn. Àǹfààní míì ni pé ẹ̀ẹ̀kan tá a ṣe é yìí ti fún wa ní ọ̀nà láti Ìbàdàn dé gbogbo dẹ́pò yòókù, àmọ́ tó bá jẹ́ Iléṣà lọkọ̀ ti ń gbéra, ẹ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tá a fi lè fi báírò kọ ọ́ láìbẹ̀rù? Ẹ wo Ìwó ní 55. Bí ọ̀nà míì bá wà tó máa dé Ìwó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀ kọjá, àwọn yẹn sì ti lé ní 55 kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ìrìn kì í dín ìṣẹ́jú kù, ńṣe ló ń fi kún un, nítorí náà kò sí bí ọ̀nà yẹn ṣe máa yá ju 55 lọ.

Ohun tó lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ náà nìyẹn: kí ọ̀nà kan lọ máa dín iye kù. Ká sọ pé owó tá a máa ná là ń kà, àwọn iye yẹn kan náà, àmọ́ ní ẹgbẹ̀rún náírà. Oníbàárà kan wá ní kọ́kọ̀ gbé ẹrù òun láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ Ìwó, gba Èjìgbò, owó tó san sì fi 80 ju owó dísù lọ. Ọ̀nà yẹn, lílọ nìkan, di -80. Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ 120, yọ 80, Ìwó ti di 40, a sì ti fi báírò kọ 55 sí i tipẹ́! Láti ibẹ̀ Òṣogbo á di 135, kì í ṣe 140. Bébà yín ò ní pariwo o, ìdáhùn tí kì í ṣe òótọ́ lẹ máa gbé fún ọ̀gá.

Àwọn kan á ní ká fi 80 kún gbogbo ọ̀nà kí òǹkà tó lọ sísàlẹ̀ òdo lè kúrò níbẹ̀. Kò ṣiṣẹ́, torí ọ̀nà méjì ni Ìbàdàn, Ifẹ̀, Òṣogbo, 160 ló máa fi wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ èyí tó gba Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìwó jẹ́ ọ̀nà mẹ́rin, á fi 320 wọ́n, ẹ ti fìyà jẹ ẹ́ láìṣẹ̀. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n míì tí wọ́n ń pè ní Bellman-Ford la máa ń lò fún un, nínú ẹ̀ kò sí báírò rárá, pẹ́ńsù ni gbogbo ìlú máa wà títí a ó fi yí gbogbo ọ̀nà po tí nọ́ńbà kankan ò yí padà mọ́.