Gbèsè Parẹ́, Èrè Réètì Ṣẹ́kù: Kíkó Ìwé Èkó àti Kútọnu Pọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ ní Ìkẹjà. Ó dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Kútọnu láti máa ta ọṣẹ náà lọ́hùn-ún, òun nìkan ló sì ni ín. Èkó ń fi náírà kọ ìwé, Kútọnu ń fi sẹ́fà kọ tirẹ̀. Bí ọdún bá parí, ìlànà ìṣirò àgbáyé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2012 ní kí ilé-iṣẹ́ ìyá kó ìwé tirẹ̀ àti ti ọmọ pọ̀ di ẹyọ kan, bíi pé oníṣòwò kan ṣoṣo ni wọ́n. Ohun tí ìyá bá tà fún ọmọ, tàbí tó bá yá a, owó tó ti àpò ọ̀tún bọ́ sí àpò òsì ni. A gbọ́dọ̀ pa á rẹ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìyẹn. Ibi tí wàhálà wà ni pé owó méjèèjì kì í dúró lójú kan síra wọn.

Sẹ́fà ti so mọ́ yúrò láti 1999: sẹ́fà 655.957 ni yúrò kan, kò sì yẹ̀ láti ìgbà náà. Náírà ló ń yẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pa onírúurú réètì tí wọ́n fi ń ta owó òkèèrè pọ̀ sójú kan, náírà sì já wálẹ̀. Fún àpẹẹrẹ wa, ká ní kọ́bọ̀ 75 ni sẹ́fà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kó wá di náírà 1.50 ní ìparí. Mo fi iye tó rọrùn láti ṣírò ni, àmọ́ kò jìnnà sí ohun tójú wa rí lọ́dún náà.

Ká tó pa ohunkóhun rẹ́, a ó kọ́kọ́ sọ ìwé Kútọnu di náírà. Réètì ọjọ́ tí ọdún parí la fi ń sọ ohun ìní àti gbèsè di náírà. Ọjà títà àti ìnáwó, réètì ọjọ́ tí wọ́n ṣẹlẹ̀. Owó tí ìyá fi dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, réètì ọjọ́ tó fi í sílẹ̀. Nígbà tí réètì kò ti jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀tún àti òsì ìwé náà kò ní dọ́gba. Ìyàtọ̀ tó bá yọ kì í ṣe èrè, kì í sì í ṣe àdánù. Ààyè kan wà fún un lára owó àwọn tó ni ilé-iṣẹ́. Èmi máa ń pè é ní àpò réètì.

Ọ̀pọ̀ akáǹtáǹtì ló ń wá ọ̀nà àbùjá: wọ́n á fi ìpíndọ́gba réètì gbogbo ọdún sọ gbogbo ọjà títà àti ìnáwó di náírà. IAS 21, ìyẹn apá tó sọ̀rọ̀ nípa réètì owó òkèèrè nínú ìlànà àgbáyé yẹn, gbà á, kìkì bí réètì kò bá fò gan-an. Ọdún bíi 2023 kò gbà á rárá. Ẹ ṣe é lóṣooṣù.

Ẹ wo ohun tí àbùjá yìí ń fà. Ní oṣù kejì, nígbà tí réètì ṣì wà ní kọ́bọ̀ 75, Èkó ta ọṣẹ fún Kútọnu ní sẹ́fà mílíọ̀nù 12, ìyẹn náírà mílíọ̀nù 9. Náírà mílíọ̀nù 6 ni Èkó ná láti ṣe é. Kútọnu sanwó lójú ẹsẹ̀. Tí a bá wá fẹ́ pa ọjà títà Èkó àti ọjà rírà Kútọnu rẹ́, mílíọ̀nù 9 ló yẹ kó bá mílíọ̀nù 9 pàdé. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti fi ìpíndọ́gba ọdún, ká ní náírà 1.10, sọ ti Kútọnu di náírà, mílíọ̀nù 13.2 ló máa bá níbẹ̀. Mílíọ̀nù 4.2 ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò mọ ibi tó ti wá. Mo ti rí irú owó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ "ìnáwó mìíràn". Kò sí ìnáwó kankan níbẹ̀. Réètì ọjọ́ tí wọ́n ta ọjà náà gan-an ló yẹ kí a lò fún gbogbo òwò àárín ìyá àti ọmọ.

Ìdajì ọṣẹ náà ṣì wà ní sítóòrù Kútọnu nígbà tí ọdún parí. Èrè Èkó lórí ìdajì yìí, náírà mílíọ̀nù 1.5, kò tíì jẹ́ èrè, nítorí pé kò sí ará ìta tó tíì ra ọjà náà. A ó yọ ọ́ kúrò, ní réètì ọjọ́ tí wọ́n tà á, ìyẹn ni pé iye kan náà tí Èkó kọ sílẹ̀ ní èrè. Nínú ìwé Kútọnu, sẹ́fà mílíọ̀nù 6 ni ọṣẹ tó kù. Ní réètì ìparí ọdún, ó di náírà mílíọ̀nù 9. Bí a bá yọ 1.5, ó ku 7.5. Èyí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, torí mílíọ̀nù 3 péré ni Èkó ná láti ṣe ìdajì yìí. Mílíọ̀nù 4.5 tó lé lórí rẹ̀ wá láti inú réètì, àpò réètì ló sì wọ̀. Kò kan èrè rárá.

Gbèsè ló le jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Èkó yá Kútọnu ní sẹ́fà mílíọ̀nù 100. Náírà mílíọ̀nù 75 ni nígbà náà. Ní ìparí ọdún ó ti di 150. Èkó kọ èrè réètì mílíọ̀nù 75 sílẹ̀. Kútọnu kò kọ nǹkan kan, torí sẹ́fà mílíọ̀nù 100 tó jẹ náà ló ṣì jẹ. Lọ́jọ́ àkópọ̀, 150 pa 150, gbèsè parẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí èrè mílíọ̀nù 75 náà bá a lọ, ó ṣe tán, àárín ìyá àti ọmọ ló ti wá. Rárá o. Ó dúró sínú èrè gbogbo ẹgbẹ́ náà. Ìdí ni pé nígbà tí gbèsè Kútọnu wú ní náírà, àdánù rẹ̀ ti gba inú àpò réètì kọjá, ó sì ti dín in kù ní mílíọ̀nù 75. Lápapọ̀, wọ́n dọ́gba. Ibi tí wọ́n jókòó sí nínú ìwé ni kò dọ́gba.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí èrè yẹn fi lè bọ́ sínú àpò réètì: bí kò bá sí ètò láti san gbèsè náà lọ́jọ́ iwájú tó ṣeé fojú rí, tí sísan rẹ̀ kò sì jọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, nígbà náà ó dà bí owó ìdókòwò. Nínú ìwé àkópọ̀ nìkan ni o. Nínú ìwé Èkó fúnra rẹ̀, inú èrè ló wà síbẹ̀. Gbèsè ọjà tí a rà láwìn kò sì sí lára èyí. Àwọn ọ́dítọ̀ á béèrè àdéhùn gbèsè náà àti àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn olùdarí. Bí Kútọnu bá ń san díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ má wulẹ̀ tọrọ ẹ̀.

Bí gbèsè kò bá sì bára mu, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ní náírà. Ẹ kọ́kọ́ fi owó tí wọ́n fi kọ ínfọ́ìsì tàbí àdéhùn náà ṣe é. Bí Èkó bá ní sẹ́fà mílíọ̀nù 100, tí Kútọnu ní 96, owó kan wà lọ́nà tàbí ẹnì kan kò kọ nǹkan sílẹ̀. Bí méjèèjì bá ní 100, tí náírà kò sì bára mu, réètì tí wọ́n lò ló yàtọ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ pé Èkó gbàgbé láti tún gbèsè náà ṣírò ní réètì ìparí ọdún.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ dán àpò réètì wò, ẹ má fi í ṣe ohun tí ẹ kàn fi ń mú ìwé dọ́gba. Ká ní sẹ́fà mílíọ̀nù 200 ni ohun ìní Kútọnu lẹ́yìn gbèsè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kọ́bọ̀ 75 ni sẹ́fà fi lé: náírà mílíọ̀nù 150. Ó jèrè sẹ́fà mílíọ̀nù 20. Ìṣirò oṣooṣù sọ ọ́ di náírà mílíọ̀nù 22, àmọ́ ní réètì ìparí ọdún ó jẹ́ 30. Mílíọ̀nù 8 nìyẹn. Lápapọ̀, 158 ló yẹ kí Kútọnu mú wọ inú àpò náà lọ́dún yẹn, láìka èrè gbèsè tí ẹ bá ti gbé wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá rí iye mìíràn, ẹ padà síbi tí ẹ ti pa òwò àárín wọn rẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti sábà máa ń rí àṣìṣe náà.