49 tàbí 64? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ àjẹsára

Mo kà á pé àjẹsára tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí ìgbẹ́ gbuuru ṣiṣẹ́ dé ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ní Màláwì. Níbòmíràn, mo tún kà á pé ìdá 64 ni, ní Màláwì kan náà. Ta ló ń purọ́ nínú wọn?

Kò sí ẹni tó purọ́. Ìwádìí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ohun tí wọ́n sì ń wá kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó sọ pé 49 jẹ́ ìdánwò tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, kí Màláwì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní àjẹsára rótáfáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru líle lára ọmọ ọwọ́. Ó sọ agbára tí àjẹsára náà ní nígbà tí a bá ṣe ohun gbogbo bí ó ti yẹ kí a ṣe é. Èyí tó sọ pé 64 jáde ní 2015, lẹ́yìn tí ìjọba ti ń fún gbogbo ọmọ láti oṣù kẹwàá 2012. Ó sọ iṣẹ́ tí àjẹsára náà ń ṣe láàárín ìlú, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba ń kán an fún ọmọ ẹni gbogbo. Nàìjíríà náà ti fi àjẹsára rótáfáírọ́ọ̀sì kún èyí tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń gbà láti oṣù kẹjọ 2022, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Kí ni wọ́n ṣe gan-an nínú ìdánwò náà?

Wọ́n kó ọmọ ọwọ́ tó lé ní 4,900 jọ ní Gúúsù Áfíríkà àti Màláwì, wọ́n sì fi kèké pín wọn. Àwọn kan gba àjẹsára, àwọn yòókù gba omi tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní àjẹsára nínú, kò sì sí ìyá tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ èyí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń ṣọ́ wọn títí wọ́n fi pé ọdún kan. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú, wọ́n á yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò bóyá rótáfáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, wọ́n á sì fi òṣùwọ̀n Vesikari díwọ̀n bí àìsàn náà ti le tó: iye ìgbà tó yàgbẹ́, iye ìgbà tó bì, ibà, àti bí omi ara rẹ̀ ti gbẹ tó. Ẹni tó bá gba máàkì 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 20 ni wọ́n kà sí ẹni tí àrùn náà mú gidigidi.

Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò gba àjẹsára, bíi 4.9 ni àrùn náà mú gidigidi. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gbà á, 1.9 ni. Ìdínkù yẹn ni wọ́n ń pè ní ìdá 61. Nígbà tí wọ́n ya orílẹ̀-èdè méjèèjì sọ́tọ̀, ti Gúúsù Áfíríkà jẹ́ 77, ti Màláwì sì jẹ́ 49.

Kèké ni agbára ìdánwò. Nígbà tó jẹ́ pé kèké ló pín àwọn ọmọ, ọmọ olówó àti ọmọ aláìní, ẹni tí omi ẹ̀rọ wà nílé rẹ̀ àti ẹni tó ń pọn odò, wà ní ìhà méjèèjì bákan náà, nítorí náà àjẹsára nìkan ló lè fa ìyàtọ̀ tí a bá rí. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, fíríìjì kì í kú, ọjọ́ abẹ́rẹ́ kì í yẹ̀, ẹnì kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lọ kan ilẹ̀kùn ìyá tí kò wá. Ẹni tó bá mọ ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé wa á mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Ṣé 49 kò wá fi hàn pé kò wúlò fún Màláwì tó bó ṣe wúlò fún Gúúsù Áfíríkà ni?

Rárá o, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Nínú ìdánwò kan náà, fún ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gba àjẹsára fún ọdún kan, àìsàn líle tí wọ́n dènà ní Màláwì jẹ́ 6.7, ti Gúúsù Áfíríkà sì jẹ́ 4.2. Ohun tó fà á ni pé àrùn náà wọ́pọ̀ ní Màláwì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì ohun tó pọ̀ sì lè ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí kò tó nǹkan. Àkọlé ìwé ìròyìn kì í sábà ní àyè fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò kàn tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn tí ìjọba ti ń pín in?

Nítorí pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi kèké du ọmọ ní àjẹsára tí a ti mọ̀ pé ó ń dáàbò bò ó.

Láìsí kèké, báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé 64 ni?

Ohun tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a ka àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru gbé dé ọsibítù, kí a wo àwọn tó gba àjẹsára àti àwọn tí kò gbà nínú ìlú, kí a sì fi wọ́n wéra. Ọ̀fìn ni. Ìyá tó gbé ọmọ lọ gba àjẹsára lọ́jọ́ tó pé sábà máa ń jẹ́ ìyá tó sún mọ́ ọsibítù, tó ní owó ọkọ̀, tó sì tètè ń gbé ọmọ lọ bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ọmọ ìyá tó jìnnà lè ṣàìsàn, kó sì yá tàbí kó kú nílé, láì wọ ìwé ẹnikẹ́ni. Bí a bá wọn báyìí, ìwà àwọn ìyá la ń wọ̀n, a rò pé àjẹsára ni.

Ohun tí àwọn olùwádìí ṣe ní ọsibítù ìjọba ńlá tó wà ní ìlú Blantyre ni pé wọn kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù rárá. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá gbé wá, wọ́n á gba ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí wọ́n bá rí rótáfáírọ́ọ̀sì lára rẹ̀ bọ́ sí apá kan. Ẹni tí wọn kò bá rí i lára rẹ̀, tó jẹ́ pé kòkòrò mìíràn ló fa tirẹ̀, bọ́ sí apá kejì, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé gbogbo àwọn ìyá wọ̀nyí, ìhà yòówù tí ọmọ wọn bọ́ sí, ni wọ́n gbé ọmọ wá sí ọsibítù kan náà nítorí àmì àìsàn kan náà, láì mọ ohun tí àyẹ̀wò yóò sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo káàdì àjẹsára.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye tí mo kàn gbé kalẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe iye ti Blantyre. Ká ní ọmọ 100 ni wọ́n rí rótáfáírọ́ọ̀sì lára wọn, tí 60 gba àjẹsára, tí 40 kò gbà. Ká ní ọmọ 200 ni wọn kò rí i lára wọn, tí 160 gbà, tí 40 kò gbà. Ní apá àkọ́kọ́, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò gbà, ẹni 1.5 ló gbà. Ní apá kejì, ẹni 4 ni. Ẹ wá pín èkíní sí èkejì:

(60 ÷ 40) ÷ (160 ÷ 40) = 0.375

1 − 0.375 = 0.625

Ìyẹn ni pé àjẹsára náà dín ìwọlé sí ọsibítù nítorí rótáfáírọ́ọ̀sì kù ní ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ dúró ná. Nínú àpẹẹrẹ yín, ọmọ 60 nínú 100 tí àrùn náà mú ló gba àjẹsára. Ṣé kì í ṣe àjẹsára ló ń fà á?

Ẹ wo apá kejì: ọmọ 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà á níbẹ̀. Bí àjẹsára náà kò bá ṣe nǹkan kan, 80 ló yẹ kí a rí láàárín àwọn tí rótáfáírọ́ọ̀sì mú pẹ̀lú. Ní ìlú tí gbogbo ọmọ bá ti gba àjẹsára, gbogbo ọmọ tó bá ṣàìsàn ló máa jẹ́ ẹni tó gbà á, ì báà jẹ́ pé ọmọ méjì péré ló ṣàìsàn lọ́dún.

Kí ló lè ba ìṣirò yìí jẹ́?

Ọjọ́ orí ló ń bà á jẹ́ jù. Ọmọ tó ti ju oṣù mélòó kan lọ nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ kò láǹfààní láti gba àjẹsára náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti dàgbà, rótáfáírọ́ọ̀sì ti lè ṣe é rí kí ara rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n, nítorí náà bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò mìíràn. Á bọ́ sí apá tí wọn kò rí rótáfáírọ́ọ̀sì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò gba àjẹsára, á sì mú kí àjẹsára náà dà bí aláìlágbára. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń ka kìkì àwọn ọmọ tí ọjọ́ ìbí wọn fún wọn láyè láti gbà á, tí wọ́n sì ń fi ọmọ oṣù kan wé ọmọ oṣù kan náà, àti àìsàn àsìkò kan wé ti àsìkò kan náà.

Àyẹ̀wò tí kò rí kòkòrò tó wà níbẹ̀ náà ń ba nǹkan jẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ká ní ó pàdánù 20 nínú ọmọ 100 náà, 12 tó gbà àti 8 tí kò gbà, tí wọ́n sì lọ dara pọ̀ mọ́ apá kejì. Ìyẹn á di 48 sí 32 lápá kan, 172 sí 48 lápá kejì, ìdáhùn á sì wálẹ̀ láti 62.5 sí nǹkan bíi 58. Àjẹsára kò yí padà. Àyẹ̀wò ló yí padà.

Èyí tó kẹ́yìn kò ṣeé fi ojú rí nínú nọ́ńbà: gbogbo ètò yìí dúró lórí pé àjẹsára rótáfáírọ́ọ̀sì kò dènà, kò sì fa, ìgbẹ́ gbuuru tí kòkòrò mìíràn ń fà. Bí ìyẹn bá yẹ̀, òṣùwọ̀n ti yẹ̀ nìyẹn.

Ṣé a lè sọ pé àjẹsára náà ṣiṣẹ́ láàárín ìlú ju inú ìdánwò lọ?

A kò lè sọ bẹ́ẹ̀. 49 ti inú ìdánwò lè jẹ́ ohunkóhun láti 19 dé 68 bí a bá wo iye àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. 64 ti Blantyre lè jẹ́ ohunkóhun láti 24 dé 83. Àwọn méjèèjì jọ wà lórí ilẹ̀ kan náà. Ìdánwò tún ń ka àìsàn tó gba máàkì 11, Blantyre ń ka ọmọ tí wọ́n gbé dé ọsibítù. Ohun tí a rí dájú ni pé àjẹsára náà kò sọ agbára rẹ̀ nù nígbà tó kúrò lọ́wọ́ àwọn olùwádìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ìyẹn sì ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù.

Ṣé 64 náà ni yóò jẹ́ ní Nàìjíríà?

Ẹ má fi ṣe ìpinnu. Rotarix ni orúkọ àjẹsára tí wọ́n lò ní Blantyre, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń kán an. Tiwa jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

Ọmọ mi gba gbogbo rẹ̀ pé, ìgbẹ́ gbuuru sì tún mú un. Kí ni kí n ṣe?

Ìdí méjì ló lè fà á: ó lè jẹ́ kòkòrò mìíràn, ó sì lè jẹ́ rótáfáírọ́ọ̀sì tó yọ lábẹ́ ìdá 64 yẹn, nítorí pé 64 kì í ṣe 100. Ìtọ́jú wọn kò yàtọ̀. Ẹ fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, díẹ̀díẹ̀ àti lemọ́lemọ́, ẹ má dá ọmú dúró, kí ẹ sì fún un ní síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14: mílígíráàmù 10 lójúmọ́ bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, 20 bó bá ti jù bẹ́ẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá wọnú, bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá jìn, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí kò bá lè mu nǹkan tàbí bó bá ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má dúró de àárọ̀, ọsibítù ni.

Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání. Nọ́ọ̀sì nílò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ọsibítù yín bá sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú ìwádìí tí mo ṣàlàyé yìí, ọmọ tí káàdì rẹ̀ kò sí ni wọn kì í sábà lè kà mọ́ apá kankan.