Kí ló dé tí wọn kì í kọjá sílàídì àkọ́kọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo ń ṣe l'Abẹ́òkúta. Mo ya fọ́tò iṣẹ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fi ṣe kárósẹ́ẹ̀lì onísílàídì mẹ́sàn-án sórí Instagram, àmọ́ wọ́n á kàn wo àkọ́kọ́ ni, wọ́n á bá tiwọn lọ. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ti wo àwọn fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, iṣẹ́ ẹ dáa gan-an, ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà wà. Aṣọ tó ti parí, tó o ti lọ̀ pàápàá, lo gbé síwájú, orúkọ ṣọ́ọ̀bù sì wà gàdàgbà lórí ẹ̀. Ẹni tó ti rí aṣọ ti rí òpin ìtàn, kí ló tún fẹ́ máa swáìpù lọ wò?

Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ ẹ tí ẹni tí kì í ṣe aláró ò mọ̀: aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró kì í ṣe búlúù, ó máa ń rí bí àwọ̀ ewé ni, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló máa ń yí padà lójú ẹ báyìí. O ya fọ́tò yẹn o, o wá lọ tì í sẹ́yìn sí ìkẹfà! Gbé e síwájú, kọ ọ́ sára ẹ̀ pé "Inú aró ló ti ń bọ̀. Kí ló dé tó rí bí ewé?" Ó tán, má kọ nǹkan míì síbẹ̀.

Wàá wá padà sẹ́yìn ní sílàídì kejì, ẹ̀kọ láfún nínú abọ́ àti ìyẹ́ adìẹ tẹ́ ẹ fi ń kọ ọ́. Ìkẹta, ọwọ́ tó ń kọ bátànì, kí ilà tó ń kọ má tíì parí tí fọ́tò á fi tán. Ìkẹrin ni ilà yẹn ti máa parí, tí ẹ̀kọ á sì ti gbẹ nínú oòrùn. Ìkarùn-ún, a ti rì í sínú aró. Ìkẹfà ni kó o tó dá ìbéèrè àkọ́kọ́ lóhùn, ìdajì aṣọ ṣì rí bí ewé, ìdajì ti ń di búlúù. Ìkeje, gbogbo ẹ̀ ti dúdú, bátànì wá dà? Ìkẹjọ, ẹ ń ha ẹ̀kọ kúrò, funfun ń yọjú. Ìkẹsàn-án ni aṣọ tó parí, iye owó, àti bí wọ́n ṣe máa rà á.

Kó o tó gbé e síta, pààrọ̀ ipò sílàídì méjì síra wọn. Tí ìtàn náà ò bá bàjẹ́, álíbọ́ọ̀mù fọ́tò lo ṣe.

Ìbéèrè: Ilà tó kọjá láti sílàídì kan sí èkejì yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Má so mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án pọ̀ o, ìkẹta àti ìkẹrin nìkan ló nílò ẹ̀. Ya aṣọ náà ní gbọọrọ, gé e sí 2160 × 1350 píksẹ́lì. Ṣí páàjì méjì tó jẹ́ 1080 × 1350 lórí Canva, gbé àwòrán kan náà sí méjèèjì láìfún un láìfà á: ní páàjì kìíní, etí òsì ẹ̀ ni kó bá ti páàjì mu, ní èkejì, etí ọ̀tún. Àárín tó gé yẹn, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tàbí ojú èèyàn bọ́ síbẹ̀. Tó o bá rí ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó o swáìpù, àwòrán náà ò dé etí ni, sún un kó kan etí.

Nǹkan míì tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé sílàídì àkọ́kọ́ ló ń pinnu bí gbogbo ìyókù ṣe máa rí, tí tìẹ bá jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba, wọ́n á gé orí àti ìdí àwọn tó gùn dànù. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 ni páàjì tìẹ fúnra ẹ lórí Instagram sì ti ń fi wọ́n hàn ní 3:4, ìyẹn ń jẹ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, torí náà má kọ lẹ́tà mọ́ etí.

Ìbéèrè: Ṣé mẹ́sàn-án ò pọ̀ jù? Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbà á dé ogún.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, 10 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2024 ni wọ́n sọ ọ́ di 20. Ìyẹn ò ní kó o kún un. Iṣẹ́ kan, sílàídì kan. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ ni ìkejì, torí ẹni tó bá fo àkọ́kọ́, Instagram lè tún gbé ìkejì wá síwájú ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Tó o bá ti kọ "lẹ́yìn náà" síbẹ̀, kò ní mọ ohun tó ò ń sọ. Kọ ọ́ pé "Ẹ̀kọ láfún yìí ni ò ní jẹ́ kí aró kan aṣọ," ẹni tí ò rí àkọ́kọ́ rárá á ṣì fẹ́ mọ aró wo.