Bí ìṣẹ́jú ṣe ń di máàkì nínú ìdánwò ìṣirò owó

Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ àkántì ní Àgọ́-Ìwòye lè mọ iye tí kóńgò gàrí kan fi wọ́n ju òmíràn lọ láti Òkè-Àjé dé Ìjẹ̀bú-Igbó, síbẹ̀ kó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò, kó fi ogún ìṣẹ́jú wá máàkì méjì. Àìmọ̀wé kọ́ ló sábà ń fà á. Kò díye lé ìṣẹ́jú ni.

Ká ní ìwé ìdánwò jẹ́ máàkì 100, àsìkò rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 3, ìyẹn ìṣẹ́jú 180. Ẹni tó bá yọ 20 sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò ṣẹ́ku 160, tó túmọ̀ sí ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 36 fún máàkì kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè máàkì 30 gba ìṣẹ́jú 48, ti 20 gba 32, ti 15 gba 24. Ohun tó dáa ni pé kí a kọ àsìkò tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀: bí a bá mú ti 30 ní aago 9 géérégé, ó parí ní 9:48, yálà ìṣirò náà bára mu tàbí kò bára mu.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń to ìdáhùn bí wọ́n ṣe to ìbéèrè. Ó sàn kí a kọ́kọ́ mú ìbéèrè kékeré tí a ti rí ojú rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ lè yá, kí ìbéèrè ńlá wá ṣìkejì. Ẹni tó bá fi ìbéèrè ńlá sẹ́yìn ń fi máàkì 30 sábẹ́ ìkánjú. Nínú ìbéèrè kan náà, bí apá kan bá ní kí a ṣàlàyé nǹkan tí kò nílò èsì ìṣirò, òun ni ká kọ́kọ́ kọ. Máàkì 4 wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 6. Ní ìdí ìṣirò gígùn, ìṣẹ́jú 6 yẹn lè má mú ju máàkì 1 wá, torí títo owó sọ́dún-sọ́dún àti kíka tébù ló ti kó èyí tó pọ̀ jù lọ.

Ẹ wo ìbéèrè yìí. Ẹlẹ́rọ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó fẹ́ ra ẹ̀rọ gàrí ní ₦5,000,000. Ẹ̀rọ náà yóò mú ₦2,000,000 wọlé ní ọdún kìíní, ₦2,400,000 ní ìkejì, ₦3,000,000 ní ìkẹta. Owó tí yóò fi rà á ń ná an ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Tébù tó ń sọ iye tí náírà kan ti ọjọ́ iwájú jẹ́ lónìí fún wa ní 0.833, 0.694 àti 0.579 fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá sọ owó ọjọ́ iwájú di owó òní, ọdún kìíní jẹ́ ₦1,666,000, ìkejì ₦1,665,600, ìkẹta ₦1,737,000. Àpapọ̀ wọn ₦5,068,600. Yọ iye ẹ̀rọ kúrò, ₦68,600 ṣẹ́kù, kí ó rà á.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan. Ìpíndọ́gba owó tó ń wọlé sún mọ́ ₦2,470,000 lọ́dún. Nọ́ńbà tébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ jẹ́ 2.106. Ìlọ́po wọn tó nǹkan bí ₦5,200,000. Níwọ̀n bí owó tó pọ̀ jù ti wọlé kẹ́yìn, èsì tòótọ́ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí èyí. ₦5,068,600 sì bọ́ síbẹ̀. Ká ní ọwọ́ yọ̀ lórí ẹ̀rọ ìṣirò, tí òdo kan já kúrò lára ₦3,000,000, àpapọ̀ á di ₦3,505,300, ìdáhùn á di òfò ńlá. Ẹni tó ti mọ̀ pé nǹkan bí ₦5,200,000 ló ń retí á dúró, á sì wá òdo náà.

Bí àsìkò tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá pé tí a kò tíì rí àṣìṣe náà, kí a fi iye tó wà lọ́wọ́ ṣe ìyókù, kí ọ̀nà tí a gbà ṣe é hàn kedere. Olùmáàkì tó ń wo ọ̀nà lè fún ẹni tó ṣe ìyókù dáadáa ní máàkì, bí iye tó fi bẹ̀rẹ̀ tilẹ̀ ṣì wọ́.

Àṣìṣe kan wà tí àyẹ̀wò yìí kò lè mú. Bí ìbéèrè bá sọ pé ₦2,400,000 jẹ́ èrè lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ iye tí ẹ̀rọ ń gbó lọ́dún kúrò, a gbọ́dọ̀ dá iye gbígbó náà padà, nítorí owó kò jáde lápò fún un. Ẹni tó bá gbàgbé á rí èsì tó jọ òótọ́, àyẹ̀wò á sì gbà fún un. Ìgbà tí a ń ka ìbéèrè, kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò rárá, ni a ti ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ «èrè» àti «owó tó wọlé».