Ibi tí ìgbì sáìnì ti ń bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń ya y = 3 sin(2x − 60°) + 1

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́ ya gíráàfù y = 3 sin(2x − 60°) + 1, ohun tí ó sábà máa ń ṣe ni pé yóò fa tábìlì, yóò to x láti 0° dé 210° ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n dígírì, yóò sì máa tẹ kakulétọ̀ lọ. Àwọn iye tí yóò rí, tí a bá dín wọn kù sí ẹyọ kan lẹ́yìn àmì ìdá, ni −1.6, 1, 3.6, 3.6, 1, −1.6, −1.6 àti 1. Kò sí àṣìṣe kankan nínú wọn. Síbẹ̀, bí ó bá so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, orí ìgbì náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín 60° àti 90°, ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà yóò tẹ́ láàárín 150° àti 180°, nítorí pé ibi tí ìgbì náà ti ga jù lọ, èyí tí í ṣe 75°, àti ibi tí ó ti rẹlẹ̀ jù lọ, 165°, kò sí nínú tábìlì rárá. Ẹni tí ó bá ka gíráàfù náà yóò rò pé 3.6 ni òkè rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé 4 ni.

Ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ ni pé kí a kọ́kọ́ ka ohun tí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ìdọ́gba náà ń sọ, kí a tó fi ọwọ́ kan kakulétọ̀. Èyí tí ó wà lẹ́yìn gbogbo wọn, +1, ni ó gbé ìlà àárín ìgbì náà kúrò lórí y = 0 lọ sí y = 1; ìlà yìí ni ó yẹ kí a fi pẹ́ńsù fà ní fífẹ́rẹ́ kí a tó ya ohunkóhun mìíràn. 3 tí ó wà níwájú sin ni gíga ìgbì, ìyẹn bí ó ṣe jìnnà tó sí ìlà àárín nígbà tí ó bá dé òkè tàbí ìsàlẹ̀ pátápátá. Nítorí náà ìgbì náà kò lè kọjá 1 + 3, tí í ṣe 4, kò sì lè rẹlẹ̀ ju 1 − 3, tí í ṣe −2. Bí ó bá jẹ́ −3 ni a kọ, gíga náà kò yí padà. Ìgbì náà kàn dorí kodò ni, yóò kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè.

2 tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ x ni ó ń sọ bí ìgbì ṣe ń yára tó. Sáìnì lásán máa ń parí ìyípo kan láàárín 360°, ṣùgbọ́n bí x bá dé 180°, 2x ti di 360°, nítorí náà ìyípo kan nínú gíráàfù yìí gba 180° péré. A ń pín ni, a kì í sọ ọ́ di púpọ̀: nọ́ńbà tí ó bá tóbi níbẹ̀ ń mú ìyípo kúrú.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí 60°, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á rí −60° nínú àkámọ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìgbì náà láti x = 60°. Ṣùgbọ́n ìgbì sáìnì máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo ohun tí ó wà nínú àkámọ́ ti di òdo, kì í ṣe níbi tí x ti dọ́gba pẹ̀lú nọ́ńbà tí ojú rí. Bí 2x − 60° bá jẹ́ 0, 2x jẹ́ 60°, x sì jẹ́ 30°. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí a yọ 2 jáde, kí a tún ìdọ́gba náà kọ báyìí:

```
y = 3 sin 2(x − 30°) + 1
```

Ní báyìí ìsún náà hàn kedere: 30° sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ó fẹ́ràn 60° náà kò jẹ̀bi pátápátá, nítorí pé bí a bá kọ́kọ́ sún sáìnì lásán ní 60° sí ọ̀tún, tí a wá fún ìgbì náà pọ̀ dé ìdajì lẹ́yìn náà, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 60° yóò bá a fún pọ̀ wá sí 30°. Ohun tí kò bójú mu ni kí a fún un pọ̀ tán kí a tún wá sún un ní 60°. Ọ̀nà láti mọ̀ kò le: kí a fi x = 60° sínú ìdọ́gba náà. Bí ìgbì bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, 1 ni ó yẹ kí y jẹ́, 3.6 ni a rí.

Bí ìbẹ̀rẹ̀ ti dá wa lójú, a ó pín ìyípo 180° sí mẹ́rin, èyí tí ó jẹ́ 45° lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa fi kún 30°. Ní 30° ìgbì wà lórí ìlà àárín, y = 1; ní 75° ó dé òkè, y = 4; ní 120° ó padà sí 1; ní 165° ó dé ìsàlẹ̀, y = −2; ní 210° ó padà sí 1, ìyípo kan sì parí. Àmì márùn-ún yìí tó láti ya gíráàfù náà láìsí tábìlì gígùn, bí a bá rántí pé orí àti ìdí ìgbì máa ń rí roboto, kì í ṣe ṣóńṣó. Bí àwọn iye kakulétọ̀ bá wá takò wọ́n, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀rọ náà: sin 30 gbọ́dọ̀ fún wa ní 0.5, bí ó bá fún wa ní −0.988, RAD ni ó wà, kì í ṣe DEG.

Kosáìnì kò ní òfin mìíràn, àfi pé òkè ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbì kan náà tí a yà yìí ni 3 cos 2(x − 75°) + 1. Nítorí náà, bí ohun tí a mọ̀ bá jẹ́ ọjọ́ tí nǹkan ga jù lọ, kosáìnì ni ó rọrùn láti fi kọ ọ́. Gígùn ojúmọmọ ní Àkúrẹ́ jẹ́ irú rẹ̀. Ìlú náà wà ní nǹkan bí dígírì 7 àti ìdá mẹ́rin sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ìgbà tí ó bá wọ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀: ó tó nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 32 ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ó sì jẹ́ nǹkan bí wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 42 ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá. Ní ìṣẹ́jú, èyí jẹ́ 752 àti 702. Ìdajì àpapọ̀ wọn, 727, ni ìlà àárín; ìdajì ìyàtọ̀ wọn, 25, ni gíga ìgbì. Ìyípo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 365, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, tí ojúmọmọ gùn jù lọ, sì ni ọjọ́ 172 nínú ọdún. Bí x bá jẹ́ iye ọjọ́ nínú ọdún, tí y sì jẹ́ gígùn ojúmọmọ ní ìṣẹ́jú:

```
y = 25 cos( (360/365)(x − 172) ) + 727
```

Ẹni tí ó bá ya èyí tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìlà y láti òdo yóò rí ohun tí ó jọ okùn tí a nà tọọrọ, nítorí pé 25 kò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ 727. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 690 kí ó sì parí sí 760, ìgbì náà yóò yọjú. Kí ó má sì ṣe gbìyànjú láti fi irú ìdọ́gba kan ṣoṣo báyìí ya òjò ìlú kan náà: òjò Àkúrẹ́ máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, a sì máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, bẹ́ẹ̀ ìgbì kosáìnì kan kì í ní ju òkè kan lọ nínú ìyípo kan.